Ìdí tí wọ́n fi ń wo fídíò báàgì yín tí wọn ò rà á

“Ẹ̀yin ará, báàgì tí omi kì í wọ̀ ni mò ń tà ní Kábbà. Fídíò mi tó ìṣẹ́jú 4, wọ́n ń wò ó, wọn ò rà á. Kí ni kí n fi ṣáájú?”

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ṣáájú: sípù yẹn. Ẹ gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọn, kí a rí rọ́bà tó bo eyín rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ àǹfààní rẹ̀ ní gbólóhùn kan: òjò lè ká ọmọ mọ́ ojú ọ̀nà, ìwé rẹ̀ ò ní rin.

Ẹ̀rí ló kàn, òun ni kó sì gba àkókò jù. Ẹ fi ìwé ìròyìn gbígbẹ sínú báàgì lójú wa, ẹ fa sípù dé òpin, ẹ da omi korobá kan lé e. Ẹ ṣí i, ẹ mú ìwé náà jáde, ẹ fà á ya. Ìwé gbígbẹ máa ń dún ṣàà. Èyí tó rin kì í dún bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi orin bo ibẹ̀, ẹ má sì gé e rárá. Bí àwòrán bá fò lẹ́ẹ̀kan péré, oníbàárà á ní ẹ ti pààrọ̀ ìwé.

Ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀ nìkan ni èyí wà fún. Bó bá jẹ́ agbára okùn rẹ̀ lẹ fẹ́ fi hàn, báàgì tí oníbàárà ti lò pẹ́ ni kí ẹ yà ní fídíò. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú pé ti òjò ni báàgì yín, kì í ṣe ti kí ó já sódò.