Lẹ́tà sí aládùúgbò tí ògiri rẹ̀ wọ ilẹ̀ ẹni

Ìbéèrè: Ògiri aládùúgbò mi ní Ìlọrin ti kọjá ààlà tá a jọ fẹnu kò sí. Kí ni kí n kọ sí i?

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ jẹ́ kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ tún àwọn òkúta ààlà yín wá. Nínú lẹ́tà, kọ nọ́ńbà ìwé sọ́fè rẹ, nọ́ńbà òkúta méjì tí ògiri náà wà láàárín wọn, àti bó ṣe wọlé tó, bíi "mítà 0.6 níwájú, mítà 0.9 lẹ́yìn". Fún un ní ọjọ́ 21 láti wó o. Jẹ́ kó buwọ́ lu ẹ̀dà tìrẹ. Bó bá kọ̀, fi lé e lọ́wọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí. Má fọwọ́ ara rẹ wó ògiri o! Bí wọ́n bá ṣì ń mọ ọ́n, tètè kọ̀wé: bó o bá dákẹ́ títí ó fi parí, kóòtù lè kà á sí pé o ti gbà.