Ìdí tí ẹnu fi ń gbẹ tí ọ̀fun sì ń dunni nígbà tí a bá ń lo oògùn aléjì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ń lo amitiriputilíìnì 25 mílígíráàmù lálaalẹ́ tipẹ́ nítorí ìrora ẹsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo fi Píritọ́nì kún un nítorí imú mi tó ń ṣomi. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti jí, ẹnu mi á ti gbẹ táútáú, ọ̀fun á sì máa dùn mí bí mo bá gbé nǹkan mì. Ṣé oògùn ló fà á? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ó jọ pé oògùn méjèèjì ló pawọ́ pọ̀ fà á, ọ̀rọ̀ náà sì ní àtúnṣe.

Itọ́ tí àgbàlagbà ń sun láàárín ọjọ́ kan máa ń tó ìdajì lítà sí lítà kan ààbọ̀. Kì í déédéé sun: iṣan ló ń ránṣẹ́ sí àwọn ẹṣẹ́ itọ́, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní asetilikolíìnì ló sì ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Píritọ́nì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oògùn aléjì àtijọ́. Bó ti ń dènà èròjà tó ń mú imú ṣomi, bẹ́ẹ̀ náà ló ń dènà asetilikolíìnì. Amitiriputilíìnì ń ṣe bákan náà, nítorí náà, ẹni tó bá lo méjèèjì ti dí ojú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá wá sùn, itọ́ a máa dínkù fúnra rẹ̀, bí imú bá sì dí, ẹnu la ó fi máa mí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ara ọ̀fun tí itọ́ kò rin mọ́ a gbẹ, a sì di egbò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bí ẹ bá tún kíyè sí i pé ìgbẹ́ yín le, tàbí pé ojú yín kò ríran dáadáa bí ẹ bá ń kàwé, orísun kan náà ni.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àrùn ọ̀fun ni pé kí n béèrè ìgbà tó ń dunni jù. Èyí tí gbígbẹ fà a máa le láàárọ̀, a sì rọlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti mu omi tí a sì jẹun. Bó bá ń dunni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí ibà wà níbẹ̀, tí kókó wú lọ́rùn, tàbí tí nǹkan funfun lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, ẹ lọ fi ara han dókítà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn yín bóyá ẹ lè fi loratadíìnì 10 mílígíráàmù, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, rọ́pò Píritọ́nì. Oògùn aléjì tuntun ni, kì í gbẹ ẹnu tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í fi oorun kún oorun tí amitiriputilíìnì ń fà. Ẹni tó bá lóyún tàbí tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó gbà á. Ẹ má ṣe dédé dá amitiriputilíìnì dúró o, nítorí orí fífọ́, èébì àti àìrí oorun sùn lè tẹ̀lé e. Dókítà tó kọ ọ́ ni yóò pinnu bóyá ó ṣeé dínkù. Bí ìyípadà bá máa wà, ẹ ó rí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Kó tó dìgbà náà, ẹ máa mu omi ní kẹ́ẹ̀kẹ́ẹ̀kẹ́, kí ẹ sì gbé ife kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà wúlò púpọ̀ lọ́sàn-án, nítorí jíjẹ ẹnu ń mú ẹṣẹ́ itọ́ ṣiṣẹ́. Súìtì aládùn ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má lá o: eyín tí kò ní itọ́ tó yóò fọ̀ ọ́ a tètè jẹrà, nítorí náà ọṣẹ ìfọyín tó ní fulóráídì pọn dandan fún yín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ọtí, sìgá àti omi ìfọnu tó ní ọtí nínú ń mú kí gbígbẹ náà le sí i.

Mo gbọ́dọ̀ fi oògùn kan kún un fún àwọn mìíràn tó ń kà á. Ẹni tó bá ń lo kabimasóòlù fún àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn, tí ọ̀fun sì dédé ń dùn ún, kó má ṣe rò pé ẹnu gbígbẹ lásán ni. Oògùn náà lè run sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọ́pọ̀. Kó dá a dúró, kó sì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.