Èsì: Ẹ́ńtírópì omi tó ń di yìnyín

“Ẹ̀yin ọ̀gá, wọ́n ní ẹ́ńtírópì, ìyẹn ìwọ̀n bí mólékù àti agbára ṣe fọ́n káàkiri tó, kì í dínkù. Báwo wá ni omi ṣe ń di yìnyín fúnra rẹ̀ nínú fírísà?”

Àbúrò, omi nìkan lo wò. Ohun tí òfin kejì nípa ooru àti agbára, ìyẹn ti thermodynamics, sọ ni pé àròpọ̀ ẹ́ńtírópì omi àti ti ohun tó yí i ká kò gbọdọ̀ dínkù.

Jẹ́ ká mú móòlù omi kan, ìyẹn gíráàmù 18. Bó bá dì, ẹ́ńtírópì rẹ̀ á fi bíi 22.0 J/K dínkù, torí àwọn mólékù tó ń rìn káàkiri ti tò sójú kan. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń dì, ó ń tú ooru bíi 6010 J sínú afẹ́fẹ́ fírísà. Pín ooru yẹn pẹ̀lú ìwọ̀n ìgbóná afẹ́fẹ́ náà, wàá rí ẹ́ńtírópì tí afẹ́fẹ́ jèrè. Ní −10 °C, ìyẹn 263 K:

6010 ÷ 263 = +22.9 J/K
+22.9 − 22.0 = +0.9 J/K

Àròpọ̀ ju òdo lọ, omi lè dì. Gbé e síta ní 10 °C (283 K): afẹ́fẹ́ yóò jèrè 21.2 péré, àròpọ̀ á di −0.8. Yìnyín ló máa yọ́ níbẹ̀. Ní 273 K, òdo ni, omi àti yìnyín á jọ wà pọ̀.

Kẹ́lífìn ni kó o lò o! Ẹni tó bá fi −10 pín in, àmì ìdáhùn rẹ̀ á yí padà.

Àmọ́ ìṣirò yìí kò sọ bó ṣe máa yá tó. Omi tó mọ́ gan-an lè wà ní −10 °C fún ìgbà pípẹ́ láì dì, àfi tí ìdọ̀tí kékeré kan bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.