Bí mo ṣe kọ iṣẹ́ aṣáájú sínú ọ̀rọ̀ nípa ara mi láìjẹ ọ̀gá rí

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Àjàṣẹ́ ni mo wà, ọdún méje ni mo ti ń forúkọ aláìsàn sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ibi iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ wọ̀ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ṣókí nípa ara mi tó máa fi hàn pé mo lè ṣáájú àwọn ẹlòmíì. Mi ò jẹ ọ̀gá ẹnikẹ́ni rí. Kí ni kí n kọ?"

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí níyà rí, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́, ní ilé ìkẹ́rùsí kajú kan. Akọ̀wé ìdí òṣùwọ̀n ni mí: bí àgbẹ̀ bá gbé kajú dé, màá wo ohun tí òṣùwọ̀n sọ, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá já rìsíìtì fún un. Ọdún pọ̀ tí mo fi ṣe é, kò sì sí ẹnì kan tó wà lábẹ́ mi. Nígbà tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ wá fòfin de kíkó kajú tí a ò tíì pa jáde nílùú, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024, ọ̀gá wa ti ilé ìkẹ́rùsí náà pa, torí òkè òkun ló ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe bọ́ sórí wíwá iṣẹ́ nìyẹn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni pé: "Aṣáájú ni mí láti ilẹ̀ wá, mo ní sùúrù, mo mọ bí a ti ń bá èèyàn ṣiṣẹ́." Ibi mẹ́fà ni mo fi ránṣẹ́ sí. Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Nígbà tó yá, mo bá ẹnì kan pàdé ní Kétu tó máa ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Ó ní gbolóhùn yẹn ló wà nínú ìwé gbogbo èèyàn, pé bí ojú òun bá ti kàn án, ṣe ló máa ń fò ó.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo ṣe èyí tó ń dùn mí títí dòní. Mo kọ ọ́ pé "ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí" ni mí. Wọ́n pè mí lóòótọ́. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó síwájú mi, gbogbo ẹ̀ sì ń lọ dáadáa títí àgbàlagbà àárín wọn fi bi mí pé, "Èèyàn mélòó ló ń gba àyè ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ? Bí ẹnì kan bá jalè níbẹ̀, ìwọ lo máa lé e ni àbí ẹlòmíì?" Ẹnu mi wọ́. Wọ́n fóònù ọ̀gá mi àtijọ́ lọ́jọ́ kejì, òun náà sì sọ òtítọ́: akọ̀wé ni. Bí iṣẹ́ yẹn ṣe lọ nìyẹn. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ní ohun gidi kan tí mo ṣe, tí ì bá dáhùn ìbéèrè wọn kedere, mi ò sì mẹ́nu bà á rárá, torí mo rò pé láìsí oyè kò níye lórí.

Ohun náà rèé. Oṣù kẹrin ọdún 2019, òjò tètè dé. Àwọn àgbẹ̀ ń gbé kajú wá ní tútù. Ìwọ náà lè dá a mọ̀: bí kajú bá gbẹ, tí o bá bu díẹ̀ sọ́wọ́ tí o mì í, á máa dún wàràwàrà. Èyí tó tutù kì í dún, bí o bá sì fi èékánná tẹ èèpo rẹ̀, ojú èékánná á hàn lára rẹ̀. Bí wọ́n bá di irú ẹ̀ sínú àpò, á máa gbóná níbẹ̀, á bu, ohun tó wà nínú á dúdú. A kó ọkọ̀ kan, ọ̀ọ́dúnrún àpò, lọ sí Kùtọnu. Wọ́n dá àpò 41 padà.

Àwọn mẹ́rin ló ń wọn kajú lọ́dọ̀ wa, méjì nínú wọn dàgbà jù mí lọ. Iye àpò tí wọ́n bá wọ̀n ni ọ̀gá fi ń sanwó fún wọn, nítorí náà bí mo bá ní kí wọ́n má gba kajú tútù, oúnjẹ ni mo ń gbà lẹ́nu wọn. Mi ò lágbára àṣẹ kankan lórí wọn. Mo bu kílò kan látinú ọ̀kan nínú àwọn àpò tó padà, mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, mo ń fi ọ̀bẹ la kajú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó funfun, mo kó o sápá ọ̀tún. Èyí tó dúdú, mo kó o sápá òsì. Mi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, òkìtì apá òsì ju ìdámẹ́ta gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gba èyí. A wá fẹnu kò pé èyíkéyìí tí èékánná bá wọ̀ lára, orí tapólì ló máa kọ́kọ́ lọ kó lè gbẹ.

Ṣùgbọ́n ìyá tó ń gbé kajú wá jù lọ kọ̀. Ó ní bí òun bá sá a fún ọjọ́ méjì, ìwọ̀n rẹ̀ á dín, ta ló máa san owó ohun tó dín? Òótọ́ ló sọ. Mo lọ bá ọ̀gá, mo ṣírò owó àpò 41 níwájú rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi fàránkì mẹ́wàá lé kílò kan fún kajú gbígbẹ. Ó gbà. Ìyá náà gbà, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e. Mo ṣí ìwé kan sílẹ̀ tí a ń kọ orúkọ ẹni tó gbé kajú wá sí, ọjọ́ tí a sá a, àti ọjọ́ tí a dì í. Láti ìgbà náà títí àsìkò kajú fi parí, ọkọ̀ mẹ́sàn-án ló lọ, àpò méje péré ló padà nínú gbogbo wọn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo jókòó kọ ọ̀rọ̀ nípa ara mi, ohun tí mo kọ nìyí:

"Akọ̀wé ìdí òṣùwọ̀n ni mo jẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kajú kan ní Ṣábẹ̀ẹ́. Lọ́dún 2019, wọ́n dá àpò 41 padà fún wa lára ọkọ̀ kan nítorí ọ̀rinrin. Mo la kajú náà lójú àwọn tó ń wọ̀n ọ́ títí wọ́n fi gbà láti máa sá a, mo sì bá ọ̀gá wa fẹnu kò lórí owó àfikún fún èyí tó gbẹ. Èèyàn mẹ́fà la jọ ṣe iṣẹ́ náà. Nínú ọkọ̀ mẹ́sàn-án tó tẹ̀ lé e, àpò méje ló padà. Nígbà tí àìsàn dá mi dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ń kọ ìwé tí mo dá sílẹ̀ náà lọ láìsí mi."

Wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ mi gan-an ló ṣáájú, láìfi ohunkóhun kún un. Ẹni tó kà á ti mọ̀ pé mi ò lẹ́nu àṣẹ, nítorí náà nígbà tó bá dé ibi tí àwọn èèyàn ti gbà láti yí ọwọ́ padà, á yé e pé wọn ì bá kọ̀ bí wọ́n bá fẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ aṣáájú wà. Bí mo bá ti pe ara mi ní ọ̀gá, ìtàn kan náà kò ní í já mọ́ nǹkan, torí ohun tí ọ̀gá pa láṣẹ ni wọ́n ṣe.

Ọ̀rọ̀ "mo" àti "a" tún ṣe pàtàkì. Àwa Yorùbá, wọ́n tọ́ wa pé ká má máa yin ara wa, nítorí náà gbogbo nǹkan la máa ń sọ pé "a" ṣe. Ó dára láàárín ilé, àmọ́ ẹni tó ń wá ẹ nínú ìwé ò ní rí ẹ níbẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi "mo" síbi tí èmi fúnra mi ti pinnu tàbí tí mo ti bá èèyàn sọ̀rọ̀, mo sì fi "a" síbi tí gbogbo wa ti jọ làágùn. Bí ìwọ bá fẹ́ fi Faransé kọ tìrẹ, ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní "rẹsipọnsábù", ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Bí o bá kọ ọ́ síwájú orúkọ ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ, oyè ni ẹni tó ń kà á máa kà á sí, ìbéèrè tí wọ́n bi mí yẹn náà ni wọ́n máa bi ọ́.

Gbolóhùn tó kẹ́yìn, nípa ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò sí níbẹ̀, ni ọkùnrin ará Kétu yẹn fi ìka tọ́ka sí. Ó ní òun ti rí ọ̀pọ̀ tó tún nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan péré, á tún bàjẹ́.

Ìwọ wá ńkọ́? Ọdún méje ní ìdí ìwé aláìsàn, o ò lè sọ pé kò sí. Rántí ohun kan tó máa ń dàrú níbẹ̀ tí kò dàrú mọ́: bóyá káàdì tó ń sọnù ni, bóyá èrò tó ń jà láàárọ̀ nítorí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ta lo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀? Ta ló kọ̀, kí ló sì jẹ́ kó gbà? Bí ọ̀gá rẹ ló ní kí o ṣe é, tí o sì ṣe é bó ṣe wí, iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni wọ́n ń béèrè, wá òmíràn. Bí o kò bá ka iye nǹkan nígbà yẹn, má ṣe dá iye sílẹ̀ báyìí. Sọ ohun tí ojú rí: "káàdì tí à ń wá fún wákàtí kan tẹ́lẹ̀, a ń rí i kí aláìsàn tó jókòó." Má sì dárúkọ aláìsàn kankan, kódà bí ìtàn rẹ̀ bá dùn. Ìtàn kan ṣoṣo ti tó, kó gùn tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀. Mo ti rí ẹni tó kó mẹ́rin sínú tirẹ̀, kò sí èyí tó yéni nínú wọn.

Kí n tó fi tèmi ránṣẹ́, mo pe ọ̀gá mi àtijọ́ lórí fóònù, mo kà á sí i létí látòkèdélẹ̀. Èèyàn márùn-ún ni mo kọ nígbà náà. Ó ní rárá, mẹ́fà ni, pé mo gbàgbé ọmọ tó máa ń ká tapólì bí òjò bá ṣú. Mo tún un kọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn tó fẹ́ gbà mí fóònù rẹ̀, ohun tó wà nínú ìwé mi náà ló sọ fún wọn. Bí o bá ti kọ tìrẹ, gbé e síbí, màá kà á.