Àmì ìsàlẹ̀ tí kò hàn dáadáa nínú fótò

"Mo ń tẹ ojú ìwé kan tí mo ya ní fótò, àmọ́ ó ti ṣá. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá e ni àbí ẹ, o àbí ọ?"

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ fẹ fótò náà lójú, kí ẹ wá lẹ́tà kan náà níbi tó ti hàn kedere. Ibi tí àmì ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀ ló yẹ kó wà níbi tó ń rú yín lójú. Èyí tó bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdọ̀tí ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun tí èmi gbára lé jù ni àǹkóò fáwẹ̀lì. Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kì í ṣe àkànpọ̀, e àti o kì í bá ẹ àti ọ gbé pọ̀ nínú sílébù méjì tó tẹ̀ léra. Tí ẹ bá rí "ọmo", àmì kan ti bọ́. E kì í sì í ṣáájú a: "eja" ò lè rí bẹ́ẹ̀, "ẹja" ni. Ẹ má wá lọ fi èyí tún "akọ̀wé" ṣe o, àkànpọ̀ nìyẹn. Kò sì ní ràn yín lọ́wọ́ lórí "oko" àti "ọkọ". Gbólóhùn tó yí i ká ni kẹ́ ẹ kà.

Ní ti títẹ̀ ẹ́, ẹ́ kò ní kóòdù ẹyọ kan. Ẹ tẹ ẹ (U+1EB9) ná, kí U+0301 tẹ̀lé e. Àwọn ìwé kan máa ń fa ìlà kékeré lóòró sábẹ́ lẹ́tà (U+0329) dípò àmì róbótó. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò jálẹ̀, torí tí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, tẹ́ ẹ wá "ọjọ́" nínú fáìlì, yóò fo àwọn kan.