Inú sítọ́ọ̀ ni owó ilé ìlọ ìrẹsì wà

*Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ilé ìlọ ìrẹsì kan ni mò ń bójú tó ní Ìgbẹ́mọ̀. Lóṣù tó kọjá, a lọ àpò 1,000, a ta 700, 300 wà ní sítọ́ọ̀. Akáǹtáǹtì wa ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́nà méjì: èrè ọ̀kan 2,200,000 náírà, ti èkejì 1,300,000. Mo bi í léèrè, ó ní ibi tí a bá fi iyọ̀ sí ló ń ṣomi sí. Ẹlòmíràn ní ọ̀nà kejì kò ka owó ilé sí ni. Kí ni òwe yẹn ń sọ?*

Àbúrò mi, ẹni tó ní ọ̀nà kejì kò ka owó ilé sí ló yẹ kí á bá wí. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Wọ́n á ní ọ̀nà kan ka gbogbo ìnáwó, pé èkejì fi àwọn kan sílẹ̀, àwọn ọmọ á sì kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí owó náà ń jáde kúrò nínú èrè ni wọ́n fi yàtọ̀ síra.

Akáǹtáǹtì rẹ pa òwe tó bá ọ̀rọ̀ mu, àfi pé kò dúró ṣàlàyé. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tí a fi sí ipò kan tí kò yẹsẹ̀ níbẹ̀. Iyọ̀ kì í rìn. Ibi tí o gbé e sí lánàá lo máa ti bá omi rẹ̀ lónìí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìnáwó ilé iṣẹ́ tí kì í pọ̀ tí kì í dín, yálà o lọ àpò kan tàbí ẹgbẹ̀rún: owó ilé, owó oṣù alábòójútó ẹ̀rọ àti ti ọlọ́dẹ, inṣọ́ránsì, iye tí ẹ̀rọ fi ń gbó. Bí o bá gbé e sórí àpò ìrẹsì, ọrùn àpò náà ló máa wà títí wọ́n fi máa rà á. Bí o bá gbé e sórí oṣù, oṣù yẹn ló máa ru gbogbo rẹ̀, kò ní ku nǹkan kan fún oṣù tó ń bọ̀. Mi ò tíì rí àlàyé tó ju èyí lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, orí rẹ̀ ni mo sì máa dúró sí.

Èyí tó gbé e sórí àpò ni wọ́n ń pè ní àbúsọ́pṣọ̀nù kọ́sítíìnì. Ọ̀nà ìkómọ́ra ni mo máa pè é níhìn-ín. Èyí tó gbé e sórí oṣù ni fáríébù kọ́sítíìnì, kí á pè é ní ọ̀nà ìyàsọ́tọ̀. Ìnáwó tó ń bá àpò lọ, ìrẹsì èèpo, igi tí a fi ń bọ̀ ọ́, dísù, àpò òfìfo, owó àwọn tó ń gba iṣẹ́ lórí àpò kọ̀ọ̀kan, kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ló gbé e sórí ọjà. Owó ọ́fíìsì àti owó títa náà kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: kò sí ọ̀nà tó jẹ́ kó wọ inú sítọ́ọ̀. Ìnáwó àìyípadà ti ilé iṣẹ́ nìkan ni ìjà wà lórí rẹ̀.

O kò kọ gbogbo iye rẹ, nítorí náà mo lo iye tó lè bí èrè méjèèjì yẹn. Ká ní ìnáwó tó ń bá àpò kan lọ jẹ́ 50,000, ẹ ta àpò ní 60,000, owó ọkọ̀ dé Adó jẹ́ 1,000 lórí àpò kan. Ìnáwó àìyípadà ilé iṣẹ́ jẹ́ 3,000,000 lóṣù, ti ọ́fíìsì jẹ́ 2,000,000. Ẹ̀rọ yín sì máa ń lọ àpò 1,000 lóṣù tí nǹkan bá lọ déédéé.

Pẹ̀lú ọ̀nà ìyàsọ́tọ̀, àpò kan tí ẹ tà fi 9,000 sílẹ̀ lẹ́yìn ìnáwó tirẹ̀ àti owó ọkọ̀. Ìlọ́po 700 rẹ̀ jẹ́ 6,300,000. Ẹ yọ 3,000,000 ilé iṣẹ́ àti 2,000,000 ọ́fíìsì, ó ku 1,300,000. Gbogbo owó ilé oṣù yẹn ti jáde tán, àpò 300 tó wà ní sítọ́ọ̀ kò ru ju 50,000 lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Pẹ̀lú ọ̀nà ìkómọ́ra, ẹ kọ́kọ́ pín 3,000,000 sórí àpò 1,000, ó jẹ́ 3,000 lórí ọ̀kan. Àpò kan wá di 53,000. Èyí tí ẹ tà mú 7,000 wá lọ́kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ 4,900,000. Ẹ yọ 700,000 owó ọkọ̀ àti 2,000,000 ọ́fíìsì, ó ku 2,200,000. Ìyàtọ̀ 900,000 tó ń dà ọ́ láàmú ni 3,000 lọ́nà 300. Ẹ wọ sítọ́ọ̀, ẹ ó bá a níbẹ̀, nínú àwọn àpò tí ẹ kò tíì tà. Owó kò sọnù, ẹnikẹ́ni kò sì jí i.

Ó máa jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá rà wọ́n. Ká ní oṣù kejì ẹ tún lọ àpò 1,000, ẹ sì ta 1,300, sítọ́ọ̀ ṣófo. Ọ̀nà ìyàsọ́tọ̀ máa fi 6,700,000 hàn, ìkómọ́ra máa fi 5,800,000 hàn. Ìyàtọ̀ náà tún jẹ́ 900,000, àmọ́ ó ti yí orí padà, torí pé àpò 300 ti oṣù àkọ́kọ́ gbé owó ilé oṣù àkọ́kọ́ dé inú oṣù kejì. Ẹ wá ro oṣù méjèèjì pọ̀: 8,000,000 níhìn-ín, 8,000,000 lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ní ọ̀nà kejì kò ka owó ilé sí, kó wá fi ibi tí owó náà gbà sá lọ hàn wá nínú iye yìí.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, ohun kan péré ló yẹ kí ẹ bèèrè:

```
ìyàtọ̀ èrè = (àpò ìparí oṣù − àpò ìbẹ̀rẹ̀ oṣù) × ìnáwó àìyípadà lórí àpò kan
```

Sítọ́ọ̀ kún sí i, ìkómọ́ra ló ga. Sítọ́ọ̀ fà sẹ́yìn, ìyàsọ́tọ̀ ló ga. Bí iye tó wà lórí àpò bá yàtọ̀ láti oṣù dé oṣù, ẹ ṣe ti àpò ìbẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú iye tirẹ̀, kí ẹ sì ṣe ti ìparí pẹ̀lú tirẹ̀. Tí ìṣirò yìí kò bá gbé ìyàtọ̀ náà jáde gẹ́lẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnìkan ti ti owó ọ́fíìsì tàbí owó ọkọ̀ títa bọ inú sítọ́ọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ní 1936, ará Amẹ́ríkà kan, Jonathan Harris, kọ̀wé nípa ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ ń tà sí i tí èrè rẹ̀ sì ń dín kù, tí kò mọ ohun tó fà á. Ìwé yẹn wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ronú nípa ọ̀nà ìyàsọ́tọ̀. Ní oṣù kejì tí mo ṣírò fún ọ, èrè ìkómọ́ra kò dín kù, àmọ́ ó fi 900,000 rẹlẹ̀ ju ti ìyàsọ́tọ̀ lọ nígbà tí ọjà tà jù: ìyàsọ́tọ̀ ló fi bí ọjà ṣe tà hàn dáadáa ju ìkómọ́ra lọ.

Níbi ìkómọ́ra sì ni ewu wà fún ẹni tó ń ṣàkóso. Ká ní lóṣù àkọ́kọ́ yẹn, ẹ fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru ní ìkórè, ẹ lọ àpò 1,500, ẹ sì ta 700 náà. Ìnáwó àìyípadà lórí àpò á sọ̀ sí 2,000, èrè á di 2,900,000. Ẹ kò ta àpò kan lé e, bẹ́ẹ̀ èrè ti fi 700,000 ga ju 2,200,000 lọ, torí pé àpò 800 ló ń ru owó ilé nínú sítọ́ọ̀. Ọ̀gá tó bá ń fún alábòójútó ní owó ìdùnnú lórí èrè yìí ń rán an níṣẹ́ kó máa kó ìrẹsì pọ̀ fún kòkòrò. Lórí èrè ìyàsọ́tọ̀ ni kó fún un.

Ìgbà ọ̀dá tún burú ju ìgbà ìkórè lọ, ibẹ̀ sì ni mo ti ń rí àṣìṣe jù. Ká ní ìrẹsì èèpo kò tó, ẹ lọ àpò 500 péré, ẹ ta 300. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwé á pín 3,000,000 sórí 500, wọ́n á ní 6,000 ni lórí àpò kan. Kò tọ́. Òfin ìṣirò àgbáyé tí à ń lò ní Nàìjíríà, IAS 2, ní agbára tí ẹ̀rọ máa ń ní tí nǹkan bá lọ déédéé ni kí á fi pín in. 3,000 ló ṣì wà lórí àpò kan. 1,500,000 lórí àpò 500 náà, 1,500,000 tó kù sì ni owó ẹ̀rọ tó jókòó, oṣù yẹn ni kó ru ú. Ẹni tó fi 6,000 sí i ti sọ àpò 200 inú sítọ́ọ̀ di 11,200,000 dípò 10,600,000, ó sì fi 600,000 bù kún èrè lọ́nà àìtọ́. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ kò le: ìrẹsì èèpo kò gbówó lórí, igi ìdáná kò gbówó lórí, àmọ́ owó tí wọ́n kọ sórí àpò kọ̀ọ̀kan inú sítọ́ọ̀ ga. Bí ó bá sì ga kọjá iye tó máa kù tí ẹ bá tà á tí ẹ san owó ọkọ̀, èyí tó jẹ́ 59,000 níhìn-ín, òfin kan náà ní dandan kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì lọ ju agbára lọ, bíi ti 1,500 yẹn, òfin náà ní kí iye lórí àpò sọ̀ kalẹ̀, torí náà 2,000 yẹn tọ́.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Àwọn tó ń ta ìrẹsì lọ́jà Ọba tẹ́lẹ̀, wọn kò kàwé, síbẹ̀ wọ́n máa ń ka ọjà inú ilé kí wọ́n tó dá èrè mọ̀. Lónìí, ẹ̀rọ kọ̀m̀pútà á tẹ èrè jáde ní ìṣẹ́jú kan, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò sì mọ iye àpò tó wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò wọ sítọ́ọ̀ rí.

Fún ìwé tí báǹkì, ọ́díítọ̀ àti ìjọba máa kà, ìkómọ́ra ni kí ẹ lò. IAS 2 kò gba ìyàsọ́tọ̀ fún ọjà inú ìwé ìṣirò ọdún. Fún ìpàdé oṣooṣù yín, nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè ta àádọ́ta àpò fún ilé ẹ̀kọ́ kan ní 53,500 nígbà tí ẹ̀rọ ń jókòó, ìyàsọ́tọ̀ ni. Lẹ́yìn owó ọkọ̀, ìkómọ́ra á ní ẹ pàdánù 500 lórí àpò, nígbà tí 2,500 ń wọlé lórí ọ̀kan tí kì bá wọlé rárá. Ẹ sọ fún akáǹtáǹtì kó máa fi ìwé méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀, kó sì máa kọ iye àpò ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí oṣù sókè ìwé náà.