Mídíà kíìtì fún ṣánẹ́ẹ̀lì ìránṣọ: mélòó ló ṣì ń wò nígbà tí ọ̀rọ̀ sípọ́ńsọ̀ bá dé?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣánẹ́ẹ̀lì lórí YouTube tí mo ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ tí wọ́n sì ń rán an, Múṣin ni mo wà, sọ́bùsíkiráíbà mi jẹ́ 6,200. Shorts mi kan lọ jìnnà gan-an, fíù ẹ̀ ti di 140,000, àmọ́ àwọn fídíò gígùn mi kì í sábà kọjá 2,000 sí 3,000. Bàbá kan tó ń ta máṣíìnì ìránṣọ ní Ìdúmọ̀tà ní kí n fi mídíà kíìtì, ìwé tó ń fi àwọn tó ń wo ṣánẹ́ẹ̀lì mi han sípọ́ńsọ̀, ránṣẹ́ ká tó sọ̀rọ̀ owó. Ṣé 140,000 yẹn ni kí n gbé síwájú ni àbí kí ni kí n kọ? Mo ti fi sikirínṣọ́ọ̀tì YouTube Studio mi ránṣẹ́ sí yín.

Ìdáhùn: Àbúrò, má gbé e síwájú o. Láti 31 oṣù Kẹta 2025 ni YouTube ti ń ka fíù Shorts látìgbà tí fídíò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré, kéèyàn fi ìka gbá a kọjá lójú ẹsẹ̀ wọ́n ti kà á, tó bá tún padà ṣeré wọ́n á tún kà á. Òǹkà ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní "Engaged views" báyìí, nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ 58,000 ni mo sì rí níbẹ̀, kì í ṣe 140,000. Èrò tó ń kọjá lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gbà kọ́ ló ń yà rajà, bàbá tó ti ń ná ọjà ní Ìdúmọ̀tà láti ọjọ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Èyí tó burú jù ni pé Shorts yẹn ti da gbogbo dátà ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ rú. Lábẹ́ Audience, Íńdíà ló wà lókè, Nàìjíríà ní ìdá 21 nínú 100 péré. Tó o bá ya ojú ìwé yẹn sínú kíìtì, ohun tí bàbá máa rí ni pé ará Íńdíà lò ń kọ́ ní bùbá rírán, ta ló fẹ́ sanwó ìyẹn ní Èkó?

Ohun tí wàá ṣe ni kó o ya àwọn fídíò gígùn sọ́tọ̀ kó o tó wo nǹkan kan. Lo kọ̀ǹpútà, má lo ti fóònù, ṣí Analytics, tẹ "Advanced mode", tẹ orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ lókè lápá òsì, wàá rí "Groups", dá gúrúùpù kan sílẹ̀ kó o kó fídíò gígùn 10 tó o gbé síta gbẹ̀yìn sínú ẹ̀, èyí tó ti lé lóṣù kan nìkan, torí tàná tàná ò tíì dàgbà. Má ṣa èyí tó dùn jù o, 10 tó tẹ̀ léra ni, torí bàbá náà lè ní kí ọmọ ẹ̀ ṣí ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ wò, tó bá rí i pé o ṣà á, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Tò wọ́n láti orí èyí tí fíù ẹ̀ kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù. Nínú tìẹ, ìkarùn-ún jẹ́ 2,250, ìkẹfà 2,350, nítorí náà àárín wọn, 2,300, ni wàá kọ. Tó o bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ kó o wá pín in sí 10, 3,000 ló máa fún ẹ, ó dùn ún gbọ́, àmọ́ fídíò kan ṣoṣo tó ní 8,800 ló fà á sókè, fídíò tí bàbá máa sanwó fún ò ní rí bẹ́ẹ̀.

Wá tẹ "Geography" nínú gúrúùpù yẹn, wò ó, Nàìjíríà ti di ìdá 74 nínú 100. Ṣánẹ́ẹ̀lì kan náà o! Ìdá 74 nínú 2,300 jẹ́ nǹkan bí 1,700.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí nìyí, àmọ́ ẹni tó tẹ fídíò rẹ lè ti lọ kó o tó dárúkọ máṣíìnì bàbá. Ṣí fídíò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó sún mọ́ 2,300 yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wo ìlà "audience retention" wọn, òun ló ń fi ìdá àwọn tó ṣì ń wò hàn, kó o ka ibi tó wà ní ìṣẹ́jú kẹta, tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sípọ́ńsọ̀ sí. Tìẹ wà ní nǹkan bí ìdá 52 nínú 100. Ìdá 52 nínú 1,700 jẹ́ 884. Kọ "nǹkan bí 850 ìwòye láti Nàìjíríà tó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ máṣíìnì yín". Ìyẹn ni nọ́ḿbà tó yẹ kó tóbi jù nínú kíìtì rẹ.

Mo pè é ní ìwòye, mi ò pè é ní èèyàn, ó nídìí. Nínú fídíò rẹ ìlà yẹn máa ń fò sókè níbi tó o ti ń gé ọrùn aṣọ àti níbi tó o ti ń gán síìpù, torí pé àwọn tó ń wò máa ń dá a padà wò lẹ́ẹ̀kejì lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ìdápadà yẹn ni wọ́n sì kà mọ́ ọn. Nítorí náà má ka ìdá rẹ níbi tó fò sókè, ibi tó tẹ́jú ni kó o ti kà á. Àmọ́ ya fọ́tò ibi tó fò yẹn sínú kíìtì, kó o kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ ẹ̀ pé ẹni tó ní aṣọ àti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ló ń dá a padà báyìí, ìyẹn ni bàbá ń wá. Ohun kan tún kù, ìdá 52 yẹn pa gbogbo ayé pọ̀, kì í ṣe Nàìjíríà nìkan, lọ wo "Average view duration" lẹ́gbẹ̀ẹ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lábẹ́ Geography. Ti Nàìjíríà gùn ju tàwọn tó kù lọ nínú tìẹ, nítorí náà o ò bùmọ́ ọn. Ká ní ó kúrú ni, wàá ní láti dín 850 kù.

Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ "Traffic source", kó o wọ inú "YouTube search", wàá rí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó bá ẹ pàdé. Mo rí i nínú fọ́tò kejì rẹ pé àwọn kan ń wá ìdí tí máṣíìnì fi ń já òwú àti irú máṣíìnì tó dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Hà, o gbé èyí pamọ́ sísàlẹ̀! Ẹni tó tẹ èyí kejì ti fẹ́ rajà, mú irú mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú kíìtì bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́. Fi kọ́mẹ́ǹtì méjì mẹ́ta tó ń bi ẹ́ ní iye máṣíìnì sí i, kó o bo orúkọ àti fọ́tò àwọn tó kọ ọ́. Ọjọ́ orí àti akọ tàbí abo, ìlà kan ti tó, tí dátà wọn ò bá tíì tó YouTube ò tiẹ̀ ní fi hàn ẹ́, fo ó jàre.

Ojú ìwé kan ni kí gbogbo ẹ̀ jẹ́, méjì tó bá pọ̀ jù, kó jẹ́ píídíẹ́fù tó ṣeé ṣí lórí Wọ́sáàpù. Kọ déètì tó o ya àwọn fọ́tò yẹn àti iye oṣù tí fídíò 10 náà kó mọ́ra. Shorts náà lè wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú 58,000, má fi ṣe ìpìlẹ̀ iye tó o máa gbà. Iye owó, má kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ máa sọ ọ́ lẹ́nu, torí bàbá máa fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ lásán lo máa dá àbí wàá fi máṣíìnì náà ránṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Tó bá ní òun fẹ́ fojú ara òun rí dátà náà, má fún un ní páásìwọ́ọ̀dù rẹ láéláé. Lọ sí Settings nínú Studio, tẹ "Permissions", fi ímeèlì ẹ̀ síbẹ̀ kó o yan "Viewer (limited)", á rí dátà, kò ní rí owó tí YouTube ń san fún ẹ, tó bá ti wò ó tán kó o yọ ọ́ kúrò.